Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: Bí a ṣe to ìwé lórí ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀sìn fún kíláàsì ìfiwéra ẹ̀sìn, ní Àbújá

Olùkọ́ wa gbé iṣẹ́ kan lé èmi àti Alhaja kan lọ́wọ́ ní sáà yìí. Ó ní kí á ṣe àkójọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀sìn, kí ìwé kọ̀ọ̀kan ní àlàyé tirẹ̀ lábẹ́ orúkọ rẹ̀, nǹkan bí 150 ọ̀rọ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa lè rí ibi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni Alhaja, Mùsùlùmí tí wọ́n bí sílé kéú. Ọmọ Kàbbà lèmi, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Kubwa ni àwa méjèèjì ń gbé, nítorí náà alẹ́ ni a sábà máa ń ṣiṣẹ́, ní pálọ̀ wọn, bí iná bá wà.

Wíwá ìwé

Ìwé tó dá lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í jókòó sójú kan. Nínú ilé ìkàwé tó bá ń lo ètò Library of Congress, abẹ́ BL ni ẹ̀sìn lápapọ̀ àti ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wà, BP ni ti Ìsìláàmù, BR ni ti Kìrìsìtẹ́nì. Ìwé lórí bí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ṣe ń bá ara wọn gbé lè wà ní BP172, ó sì lè wà ní BR127. Èyí tó bá mú òrìṣà mọ́ ọn lè bọ́ sí BL2480.Y6, níbi tí ẹ̀sìn Yorùbá wà. Bí òǹkọ̀wé bá jẹ́ onímọ̀ òṣèlú tàbí ìtàn, ìwé rẹ̀ lè lọ jókòó sí DT515 láàárín ìtàn Nàìjíríà. Ẹni tó bá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan péré yóò rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni àkòrí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé máa ń lẹ̀ mọ́ ìwé, nítorí pé ìyẹn kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ tí ìwé wà. Mẹ́ta yìí ló mú wa rí èyí tó pọ̀ jù:

```
Religious pluralism -- Nigeria
Islam -- Relations -- Christianity
Christianity and other religions -- Islam
```

Fún àròkọ inú jọ́nà, a lọ sí JSTOR, níbi tí ènìyàn ti lè fi orúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kó sì ka àwọn kan lójú ẹ̀rọ. Níbẹ̀, bí a ṣe kọ ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì gan-an:

```
(orisa OR orisha) AND Yoruba AND Nigeria AND (Islam OR Christianity)
```

Bí o bá kọ `orisha` nìkan, Kúbà àti Brazil ni yóò kún ojú ẹ̀rọ. Bí o bá kọ `orisa` nìkan, ìwọ yóò pàdánù àwọn tó ń lo ìkọ̀wé ti òkè òkun. A mọ̀ pé wíwá ti ń tó nígbà tí àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé tuntun kọ̀ọ̀kan bá ń tọ́ka sí àwọn ìwé tó ti wà lọ́wọ́ wa.

Ìtò àkọ́kọ́ àti ìdí tí a fi tú u palẹ̀

Olùkọ́ wa ti ní ètò kan sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá: apá Kìrìsìtẹ́nì, apá Ìsìláàmù, apá ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Ètò náà rọrùn, ṣùgbọ́n ó ya àwọn ìwé tó ń bá ara wọn jiyàn sọ́tọ̀. Ìbéèrè méjì tó yàtọ̀ pátápátá ló pàdé lórí àkòrí yìí. Àwọn onímọ̀ nípa Ọlọ́run ń bèèrè pé: ṣé ẹ̀sìn gbogbo ló ń mú ènìyàn dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run? Àwọn onítàn àti àwọn onímọ̀ àwùjọ ń bèèrè pé: báwo ni ẹlẹ́sìn oríṣiríṣi ṣe ń gbé ìlú kan, kí ló ń mú wọn jà, kí ni kì í jẹ́ kí wọ́n jà? Ènìyàn lè gbà gbọ́ pé ẹ̀sìn òun nìkan ni òtítọ́, kó sì bá aládùúgbò rẹ̀ gbé lálàáfíà títí ayé. Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè kan kò dáhùn èkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí ìlà yìí nínú àkójọ yóò mú ìwé John Hick, onímọ̀ nípa Ọlọ́run, dání láti fi ṣàlàyé ìjà ọjà, kò sì ní í bá ìjà kankan níbẹ̀.

A wá to ìwé sí abẹ́ ìbéèrè tí ó ń dáhùn. Lábẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́ ni Alan Race wà, ẹni tó pín èrò àwọn Kìrìsìtẹ́nì sí ọ̀nà mẹ́ta ní 1983: àwọn tó ní ìgbàlà kò sí níbòmíràn, àwọn tó ní Kristi ń gba àwọn yòókù là bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, àti àwọn tó ní ọ̀nà pọ̀. Hick tẹ̀ lé e pẹ̀lú *An Interpretation of Religion* ní 1989, níbi tó ti sọ pé Òtítọ́ kan ṣoṣo tó ju òye wa lọ ni gbogbo ẹ̀sìn ńlá ń dáhùn sí, kálukú pẹ̀lú àṣà tirẹ̀. Gavin D'Costa dá a lóhùn ní 1996 pé ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti ń ti ẹlòmíràn síta náà, nítorí pé ó ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ tó fi ń dájọ́ fún gbogbo ẹ̀sìn. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tẹ̀ léra, àlàyé wọn á máa tan ìmọ́lẹ̀ síra wọn.

Alhaja ni kò jẹ́ kí á sáré kọjá níbẹ̀. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ wo ìbéèrè Race dáadáa. Ta ni yóò rí ìgbàlà? Ìbéèrè ilé ìjọ nìyẹn. Bí ẹ bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọn ìmàle, ẹ ti yan ohun tí ìmàle máa sọ." Òótọ́ ni. A fi gbólóhùn kan kún àlàyé Race pé láàárín àwọn onímọ̀ Kìrìsìtẹ́nì ni ìpín mẹ́ta náà ti jáde, a sì fi ìwé Farid Esack sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, *Qur'an, Liberation and Pluralism*, 1997. Láti inú ìjà lòdì sí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Gúúsù Áfíríkà ni Esack ti ń ka Àlùkùráánì, ohun tó ń bèèrè sì ni ta ni Mùsùlùmí lè bá dúró pọ̀ láti gbé ẹni tí wọ́n ń ni lára dìde. Ọ̀nà ìbéèrè náà yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí àlàyé sọ ọ́.

Èmi náà ní tèmi láti sọ nípa Bolaji Idowu. Ìwé rẹ̀ ti 1962, *Olódùmarè*, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń mú bí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì ni Idowu, ó sì padà di olórí ìjọ wa ní Nàìjíríà. Ó to òrìṣà sí abẹ́ Olódùmarè lọ́nà tí etí tó ti gbọ́ Bíbélì yóò fi gbà á wọ̀ǹ-ọ̀n. Okot p'Bitek, ọmọ Uganda, fẹ̀sùn kan irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ ní 1970, pé àwọn onímọ̀ Áfíríkà tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ń wọ aṣọ àjèjì fún àwọn ọlọ́run wa. Mo bọ̀wọ̀ fún Idowu púpọ̀, síbẹ̀ àkójọ tí kò bá sọ ẹni tó jẹ́ kò ní ràn ẹni tó ń kà á lọ́wọ́.

Ilé kan, ẹ̀sìn méjì: ibi tí a lo àkókò jù

Gbogbo Yorùbá ló mọ ilé tí bàbá ti jẹ́ Alhaji tí màmá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi pọ̀ láàárín wa ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lé lórí. A pinnu pé apá yìí ni yóò jẹ́ ọkàn iṣẹ́ wa.

David Laitin ni a fi ṣáájú, *Hegemony and Culture*, 1986. Onímọ̀ òṣèlú ni, ó sì gbé Ilé-Ifẹ̀ láti ṣe ìwádìí. Ohun tó rú u lójú ni àríyànjiyàn lórí ilé ẹjọ́ Ṣàríà nígbà ìgbìmọ̀ tó ṣe òfin orílẹ̀-èdè ní 1977 sí 1978. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ fa ìgbìmọ̀ ya, àwọn aṣojú Mùsùlùmí kan tilẹ̀ dìde jáde. Àwọn Yorùbá, tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì pọ̀ láàárín wọn, kò pín sí méjì bẹ́ẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń wá ọ̀nà àárín. Kí ló fà á? Laitin kò sọ pé ìfaradà ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ó ní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gbé àwọn ọba ga, tí ó sì sọ ìlú baba ẹni di ohun tí òṣèlú ń yí ká. Títí tí ènìyàn fi wá ń rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: ará Ifẹ̀ tàbí ará Modákẹ́kẹ́ ni a jẹ́ kí a tó jẹ́ ohun mìíràn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. D. Y. Peel. *Religious Encounter and the Making of the Yoruba*, tó jáde ní 2000, gbé ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà padà sí ọ̀rúndún 19, nígbà ogun, nígbà tí òyìnbó kò tíì máa ṣàkóso wa. Ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ àti lẹ́tà àwọn òṣìṣẹ́ CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, ni Peel fi ṣe iṣẹ́ náà, àwọn ọmọ Áfíríkà ló sì kọ púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀rí tó lọ́rọ̀ gan-an ni: ohun tí babaláwo sọ fún ajíhìnrere lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí ọba béèrè, ohun tí ìmàle fi dáhùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Kìrìsìtẹ́nì ló mú kálàmù. Ìdí nìyí tí a kò fi jẹ́ kí ìwé yìí dá dúró. A so ó mọ́ T. G. O. Gbadamosi, *The Growth of Islam among the Yoruba, 1841–1908*, tó jáde ní 1978. Gbadamosi fún wa ní ìtàn àwọn ààfáà, mọ́ṣáláṣí àti ilé kéú láti inú ilé, ó sì dúró ní 1908, kò dé àsìkò tí Laitin ń ṣàlàyé.

Ìwé ìkẹyìn Peel, *Christianity, Islam, and Orisa Religion*, jáde ní 2016 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó kò ní àwáwí. Níbẹ̀ ló ti kọ̀ láti gbà pé ọ̀kan náà ni ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì àti àwọn Sàláfì nítorí pé ọ̀nà ìwàásù wọn jọra. Ó ní kí á máa wo ohun tí ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan gbé wá láti ìpìlẹ̀ rẹ̀. Èyí bá ìbéèrè àkọ́kọ́ wa pàdé lọ́nà kan, a sì kọ "wo pẹ̀lú" síbẹ̀.

Ìwé tó kẹ́yìn ní apá yìí ni *Beyond Religious Tolerance*, 2017, tí Insa Nolte, Olukoya Ogen àti Rebecca Jones ṣe olóòtú rẹ̀. Ìlú kan péré ni, Ẹdẹ, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀ jù, tí Tìmì Lágúnjú sì ti gba ẹ̀sìn náà láti ọ̀rúndún 19. Àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ kò fẹ́ kí á dúró sórí pé Yorùbá ní ìfaradà. Wọ́n fi hàn pé ìdíje náà wà, ìgbéyàwó tó kọjá ààlà ẹ̀sìn wà, ìbátan wà, àwọn nǹkan wọ̀nyí sì ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lójoojúmọ́. Ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ ni, nítorí náà a kò kọ àlàyé kan fún odindi rẹ̀. Orí tó bá ṣe pàtàkì ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́ gan-an, àlàyé tirẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí àkójọ tó sọ pé "Nolte sọ pé" fún orí tí ẹlòmíràn kọ, ẹ mọ̀ pé ẹni náà kò ṣí ìwé náà.

Àlàyé kan bó ṣe rí

Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ wọ́n fún ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n bí ti Laitin ṣe lọ ní Yorùbá nìyí:

"Laitin ń bèèrè ìdí tí ẹ̀sìn kò fi pín òṣèlú Yorùbá sí méjì nígbà tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì pọ̀ láàárín wọn. Ó lo ìwádìí tó ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ àti àríyànjiyàn Ṣàríà ti ọdún 1978. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìṣàkóso Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ àwọn ọba ló sọ ìlú baba ẹni di ìpínyà tó gba iwájú. Ó ń bá àwọn tó rò pé àṣà tàbí ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ ló ń darí òṣèlú jiyàn. Ẹ kà á pẹ̀lú Peel (2000), tó fi ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà sí àsìkò tó ṣáájú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú kan ló ti kó ẹ̀rí jọ jù. Kí ẹni tó fẹ́ lò ó fún Ìlọrin tàbí Kàbbà ṣọ́ra."

Nǹkan mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ìbéèrè ìwé, ẹ̀rí rẹ̀, ẹni tó ń bá jiyàn, àti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé. Ẹni tó bá kọ "ìwé yìí ṣàlàyé ẹ̀sìn ní ilẹ̀ Yorùbá lọ́nà tó jinlẹ̀" kò tíì kọ ohunkóhun, nítorí gbólóhùn yẹn bá gbogbo ìwé tó wà ní BL2480.Y6 mu. A máa ń dán ara wa wò. Alhaja á bo orúkọ ìwé mọ́ mi lójú, á ka àlàyé sókè, bí n kò bá lè sọ ìwé tó jẹ́, ó padà lọ tún un kọ. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un.

Fún ìwé kọ̀ọ̀kan, a ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ojú ewé tó ti sọ bó ṣe ṣe ìwádìí, orí kan tó gbé àríyànjiyàn rẹ̀ ró, ìparí, àti atọ́ka ẹ̀yìn. Atọ́ka kì í purọ́. Bí ìwé bá ní òun ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn mẹ́ta tí Ifá sì ní ojú ewé méjì péré níbẹ̀, ó yẹ kí àlàyé wí bẹ́ẹ̀.

Zotero

Zotero ni ohun èlò orí kọ̀ǹpútà tí a fi tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ìwé wa. Ọ̀fẹ́ ni, ibi ìpamọ́ 300 MB tó sì fún ènìyàn tó bí ẹ kò bá kó PDF ńlá sí i. Ohun méjì ló yẹ kí á mójú tó. Bí ẹ bá gba àkọsílẹ̀ ìwé láti ojú ewé ilé ìtẹ̀wé, ọ̀rọ̀ ìpolówó ìwé náà máa ń bá a wọlé sínú `Abstract`. Àwọn ìlànà ìtọ́kasí tó ní `annotated bibliography` nínú orúkọ wọn kò jọra: òmíràn ń tẹ ohun tó wà nínú `Abstract` jáde, òmíràn ń tẹ ohun tó wà nínú `Extra`. A nu `Abstract` nù pátápátá, a fi àlàyé tiwa sí `Extra`, a sì tẹ ìwé kan jáde wò kí á tó tẹ gbogbo rẹ̀.

Èkejì ni orúkọ. Jacob Olupona wọlé gẹ́gẹ́ bí `Olupona, Jacob K.` láti ibì kan, ó wọlé gẹ́gẹ́ bí `Olupona, Jacob Obafemi Kehinde` láti ibòmíràn, ẹ̀rọ sì sọ ọ́ di ènìyàn méjì. Ọwọ́ la fi tún un ṣe, nítorí pé `Duplicate Items` ń wá ìwé tó jọra ni, kò wá òǹkọ̀wé. Orí ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ `Book Section`, kì í ṣe `Book`, kí orúkọ olóòtú má baà gba ipò òǹkọ̀wé.

Apá Àríwá, àti ibi tí ìwé kò tó

Àbújá ni kíláàsì wà, nítorí náà a kò lè dúró sí ilẹ̀ Yorùbá. Òfin 1999 la fi bẹ̀rẹ̀. Abala 10 ní ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ti ìjọba. Abala 38 fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn. Síbẹ̀ abala 260 fi ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà sí Àbújá, abala 265 sì fi ti àṣà ìbílẹ̀ síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka abala 10 nìkan yóò ṣi òfin náà gbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Matthew Hassan Kukah, 1993, lórí bí àwọn aláṣẹ Àríwá ṣe ń lo ẹ̀sìn; a kọ ọ́ síbẹ̀ pé àlùfáà Kátólíìkì ni. Abdul Raufu Mustapha àti David Ehrhardt tẹ̀ lé e pẹ̀lú *Creed and Grievance*, 2018.

Moses Ochonu ni ó so apá yìí mọ́ tàwa. Ìwé rẹ̀ ti 2014, *Colonialism by Proxy*, fi hàn pé ní Àárín Gbùngbùn, àwọn Haúsá àti Fúlàní ni Gẹ̀ẹ́sì fi ṣàkóso àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ẹ fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ Laitin. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni. Níbì kan ó gbé ọba ìlú ga, níbì kejì ó gbé àlejò ẹlẹ́sìn mìíràn lé onílé lórí. A kọ "wo pẹ̀lú" sí àwọn méjèèjì, nítorí pé láàárín wọn ni ọmọ kíláàsì ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan wé nǹkan.

Níbẹ̀ ni ìlú tèmi àti ti Alhaja ti yọjú. Abẹ́ Àríwá ni Ìlọrin àti Kàbbà wà lásìkò Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Ìlọrin, ẹ́míà ló sì ń jọba níbẹ̀. Kàbbà ti rí ogun Núpé kí òyìnbó tó dé. Àwọn ìwé tó sọ pé "Yorùbá" ń ṣe báyìí, Ifẹ̀, Ìbàdàn, Ẹdẹ àti Èkó ni wọ́n ń wò jù. A rí Ann O'Hear, *Power Relations in Nigeria*, 1997, lórí àwọn ẹrú Ìlọrin àti ọmọ wọn. A rí iṣẹ́ ńlá Stefan Reichmuth lórí ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù ní Ìlọrin, tó jáde ní 1998, ṣùgbọ́n èdè Jámánì ni. Àwa méjèèjì kò gbọ́ ọ, a kò sì fẹ́ kọ àlàyé ìwé tí a kò kà, nítorí náà orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ láìní àlàyé, pẹ̀lú gbólóhùn kan tó sọ ìdí rẹ̀.

Olùkọ́ wa fẹ́ kí á da apá kékeré yìí pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀ Yorùbá kí ojú ewé lè dọ́gba. Alhaja sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kó dá wà. Ẹni tó máa wá kọ́ nípa Ìlọrin gbọ́dọ̀ rí i pé ìwé kò tó." Ó gbà. Àkòrí Ìlọrin àti Kàbbà dá wà láyè tirẹ̀, ìwé méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀, àyè sì wà fún èyí tí kíláàsì tó ń bọ̀ bá rí.